Aránṣọ Tó Fẹ́ Máa Ṣe Fídíò: Apá Wo Nínú Iṣẹ́ Náà Ni Kó Mú?

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń rán aṣọ ọkùnrin. Mo ti gbé fídíò mẹ́rìnlélógún sórí YouTube: gígé agbádá, ìró àti bùbá, títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Àwọn tó ń wò ó kò pọ̀, ẹni tó bá sì wo ọ̀kan kì í padà wá wo òmíràn. Kí ló fà á?

Ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fídíò mẹ́ta tí ẹ dárúkọ yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gígé aṣọ ni yóò jókòó ti agbádá. Obìnrin tó fẹ́ rán aṣọ ara rẹ̀ nílé ni yóò wo ìró àti bùbá. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ja òwú láàárọ̀ yẹn ni yóò wo àtúnṣe ẹ̀rọ, bí òwú bá sì ti dúró, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá gbé fídíò tuntun jáde, àwọn tó ti wo èyí tó ṣáájú wà lára àwọn tí YouTube máa ń kọ́kọ́ gbé e síwájú wọn. Bí ẹni tó wá wo àtúnṣe ẹ̀rọ bá rí agbádá, kò ní tẹ̀ ẹ́, bí ọ̀pọ̀ wọn kò bá sì tẹ̀ ẹ́, fídíò náà kò ní ìdí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ aránṣọ gbòòrò ju ohun tí ìkànnì kan ṣoṣo lè gbé. Ohun tó ń sọ ìkànnì di ọ̀kan ni ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ àti irú wàhálà tó gbé e wá. Nínú èrò tèmi, ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nídìí iṣẹ́ kò yẹ kó máa kọ́ni bí a ṣe ń gé aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tó gba òmìnira lọ́dún tó kọjá náà lè kọ́ni ní ìyẹn, wọ́n sì ti pọ̀ lórí YouTube. Àṣìṣe tó ń yọjú lẹ́yìn tí a ti gé aṣọ bí ìlànà ṣe wí ni ẹ mọ̀ tí wọn kò mọ̀. Ẹni tí yóò sì wá a kiri ni aránṣọ ẹlẹgbẹ́ yín tí oníbàárà ti dá aṣọ padà fún.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó yẹ kí n mú nínú àwọn àṣìṣe náà?

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ sì fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí ẹ ti ń gé aṣọ fún oṣù mẹ́ta. Gbogbo aṣọ tí wọ́n bá gbé padà wá, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹ rán tàbí èyí tí ẹlòmíràn rán tí wọ́n ní kí ẹ bá wọn tún ṣe, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀: irú aṣọ wo ni, ibo ló ti ń ṣe wàhálà, báwo ni ara ẹni tó ni ín ṣe rí. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín tàbí àwọn aránṣọ àdúgbò bá mú wá, ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bi yín gan-an.

Nígbà tí mo ṣe èyí fúnra mi, aṣọ mọ́kàndínlógún ló wà nínú ìwé mi, mọ́kànlá nínú wọn sì jẹ́ sénátọ̀ ọkùnrin tó yọkùn. Kí n tó kà wọ́n, mo rò pé ọrùn aṣọ ló ń dá àwọn ènìyàn láàmú jù. Èyí ni mo fi ń sọ pé kí ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ọkàn yín bá sọ pé ó yẹ ní ṣíṣe, ìwé náà ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ikùn nìkan? Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn kò ní tán lẹ́yìn fídíò méjì?

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tí yíká ikùn rẹ̀ jẹ́ ìǹṣì 48, ká sì wo iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú sénátọ̀ kan ṣoṣo.

Àkọ́kọ́ ni gígùn. Ọ̀pọ̀ aránṣọ máa ń gé iwájú àti ẹ̀yìn ní gígùn kan náà. Ṣùgbọ́n ikùn ló ń gba lára gígùn iwájú kí aṣọ tó dé ìsàlẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìṣẹ́tí iwájú fi ń gòkè tí ti ẹ̀yìn sì wà nílẹ̀. Bí a ṣe ń mọ iye tó sọnù ni pé ká fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ibi tí èjìká ti pàdé ọrùn, ká gbé e gba orí ikùn kọjá lọ sí ibi tí a fẹ́ kí aṣọ dúró sí, lẹ́yìn náà ká wọ̀n ọ́n láti ibi kan náà gba ẹ̀yìn lọ. Bí iwájú bá jẹ́ ìǹṣì 42 tí ẹ̀yìn sì jẹ́ 40, ìǹṣì 2 ni a ó fi kún ìsàlẹ̀ iwájú ní àárín gan-an, a ó sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di òfo ní ẹ̀gbẹ́, kí ojú rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè ṣe déédéé. Bí aṣọ bá ní ìlà tó dùbúlẹ̀, ọgbọ́n yìí kò ní bójú mu, nítorí pé ìlà ìsàlẹ̀ yóò hàn bí ẹni pé ó wọ́. Ìyẹn nìkan tó fídíò kan.

Èkejì ni fífẹ̀. Ká ní ẹ fi ìǹṣì 6 kún 48 kí aṣọ lè dẹ̀ lára rẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ di 54. Ìlànà tí wọ́n kọ́ wa ní pé ká pín in sí mẹ́rin, kí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 13½. Ṣùgbọ́n iwájú ni ikùn wà, kò sí lẹ́yìn. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá dọ́gba, ikùn yóò fa ojú rán ẹ̀gbẹ́ wá síwájú, ibi tí a fi sílẹ̀ láìrán ní ẹ̀gbẹ́ yóò sì yanu sílẹ̀ bí ọkùnrin náà bá dúró. Bí ẹ bá gé ìlàjì iwájú ní 14½ tí ẹ sì gé ìlàjì ẹ̀yìn ní 12½, àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 54, ṣùgbọ́n ojú rán yóò padà sí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, èyí tí mo fẹ́ràn jù láti fi hàn nínú fídíò, ni bí a ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ àṣìṣe nínú méjèèjì nígbà tí aṣọ ti wà lára oníbàárà. Ẹ ní kó yí ẹ̀gbẹ́ sí yín. Bí ìṣẹ́tí bá gòkè níwájú ṣùgbọ́n tí ojú rán ẹ̀gbẹ́ ṣe tààrà lọ sílẹ̀, gígùn nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Bí ojú rán bá dà wá síwájú, fífẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́tí nìkan kò sì ní wo ó sàn bó ti wù kí ẹ tú u tó. Aránṣọ tó bá rí ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kan yóò padà wá, nítorí pé yóò lò ó lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn èyí, ṣòkòtò ọkùnrin kan náà ṣì ń bẹ: ṣé orí ikùn ló ń so ó mọ́ ni, àbí abẹ́ ikùn? Ìdáhùn rẹ̀ ló ń sọ bí iwájú ṣòkòtò yóò ṣe ga tó. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ náà wà, tó jẹ́ pé ti ẹ̀yìn ló ń gòkè, a sì ní láti yí gbogbo ìṣirò wa padà. Ẹni tí èjìká kan rẹ̀ rẹlẹ̀ ju èkejì lọ wà pẹ̀lú. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tó bẹ̀rẹ̀ lórí ikùn ti di ìkànnì tó dá lórí aṣọ ọkùnrin tí ara rẹ̀ kò bá ìlànà gígé mu, ẹni kan náà ló sì ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ̀n tí mo máa ń lò ni ọgbọ̀n àkọlé: bí ẹ kò bá lè kọ ọgbọ̀n àkọlé sílẹ̀ láìtún ọ̀kan sọ, apá tí ẹ mú há jù. Bí ẹ bá lè kọ igba tí ẹ kò sì lè sọ ẹni tí ẹ kọ ọ́ fún, ó gbòòrò jù.

Yorùbá ló yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu jù. Ṣé kí n fi í sọ̀rọ̀, àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́. Lóòótọ́, yóò dín iye ènìyàn tó lè gbọ́ yín kù, ṣùgbọ́n àwọn tó kù yóò gbọ́ yín ní àgbọ́yé, àwọn tí ẹ ó sì máa bá díje kò pọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni àkọlé. Ọ̀pọ̀ aránṣọ tó ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì wá nǹkan lórí YouTube, nítorí náà ẹ kọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú àkọlé yín, fún àpẹẹrẹ `how to cut senator for big stomach`, kí ẹ sì fi Yorùbá tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ sínú àpótí ìwárí YouTube, kí ẹ sì wo ohun tó bá parí rẹ̀ fún yín, nítorí pé inú ohun tí àwọn ènìyàn ń wá ló ti ń mú un jáde.

Ìgbà wo ni mo máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ìgbà wo sì ni owó máa wọlé?

Ẹ má ṣe ìdájọ́ kankan kí ẹ tó gbé fídíò mẹ́jọ jáde lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí YouTube Studio, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín, lábẹ́ `YouTube search`. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ikùn, sénátọ̀ àti ìṣẹ́tí, ẹni tí ẹ ń wá ti ń rí yín. Ẹ wo `Impressions click-through rate` pẹ̀lú, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n tẹ fídíò yín nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí YouTube gbé e síwájú wọn. YouTube fúnra rẹ̀ sọ pé ìdajì ìkànnì àti fídíò ló wà láàárín 2% sí 10%, nítorí náà kí ẹ má ṣe bẹ̀rù bí tiyín bá jẹ́ 4%. Lórí àwòrán `Audience retention`, tó ń fi hàn bí àwọn tó ń wo fídíò ṣe ń dín kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìlà bá já wálẹ̀ gbì láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ pẹ́ lórí ìkíni. Ẹ fi aṣọ tó bàjẹ́ lára ènìyàn hàn ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ní ti owó ìpolówó ọjà, YouTube ń béèrè pé kí ìkànnì ní alábàápín 1,000 àti wákàtí 4,000 tí àwọn ènìyàn fi wo fídíò yín láàárín oṣù méjìlá. Ọ̀nà kan tún wà tó gba ti fídíò kúkúrú, ṣùgbọ́n ìwòye mílíọ̀nù 10 láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló ń béèrè, èmi kò sì rò pé ó yẹ irú ẹ̀kọ́ yìí. Wákàtí 4,000 jẹ́ ìṣẹ́jú 240,000. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wo ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú fídíò oníṣẹ́jú mẹ́wàá, ìwòye 60,000 lẹ nílò. Bí ẹ bá ní fídíò ogójì, ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,500. Ó ṣeé dé, ṣùgbọ́n kò yá. Ní tèmi, kí n tó dé ibẹ̀ ni àwọn aránṣọ ti ń sanwó fún mi láti bá wọn gé pátánù ẹni tó yọkùn sórí bébà.

Fídíò mẹ́rìnlélógún tí ẹ ti ṣe, ẹ má pa wọ́n rẹ́. Ẹ kó agbádá sínú àkójọ tirẹ̀, ẹ fi ìró àti bùbá àti ti ẹ̀rọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ má sì ṣe fi kún wọn. Oníbàárà tó bá kọ́kọ́ gbé sénátọ̀ padà wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ ya aṣọ náà lára òun láti ọrùn dé orúnkún láìfi ojú rẹ̀ hàn, kí ẹ tó fọwọ́ kan òwú kankan lára rẹ̀.