Fóònù létí awakọ̀, ẹyin lórí oníṣòwò: bí a ṣe ń ya ìgbésẹ̀ mẹ́rin ẹjọ́ àìbìkítà sọ́tọ̀ nínú ìdánwò tọ́ọ̀tì

Nínú ìdáhùn lórí àìbìkítà, akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ òfin dáadáa náà máa ń pàdánù máàkì. Ohun tó ń fà á ni pé ó kó ohun mẹ́rin sínú gbólóhùn kan: "Awakọ̀ náà ní ojúṣe sí obìnrin yìí, ó ń pe fóònù, ó dá a lẹ́sẹ̀, nítorí náà yóò san owó." Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì fi ẹ̀rí ohunkóhun hàn. Ohun mẹ́rin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní díútì, bríìṣì, kọséṣọ̀n àti dámeèjì, ìyẹn ojúṣe, ìkùnà, okùnfà àti àdánù, ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Olùpẹjọ́ tó bá já ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti pàdánù ẹjọ́ náà, bó ti wù kí mẹ́ta yòókù lágbára tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan ṣe é. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Àlàní ń wa máíkírà bọ̀ láti Sángo sí Mọ́kọ́lá, ó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, fóònù sì wà létí rẹ̀. Iná bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti kú láti ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì mọ̀. Ìyá Ṣadé ń ti ọjà Bódìjà bọ̀, ó ru kíréètì ẹyin 4, ìyẹn ẹyin 120, ó ń sọdá lórí ìlà funfun tí wọ́n fà fún ẹlẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń wo iwájú yóò rí i láti mítà 60, ṣùgbọ́n Àlàní kò rí i títí ó fi ku mítà 5. Ó gbá a. Ẹsẹ̀ obìnrin náà dá, gbogbo ẹyin fọ́. Nítorí àìsàn egungun tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ tí ìbá san láàárín oṣù 3 gba oṣù 9. Bísí, oníbúkà tó ń retí láti ra ẹyin náà fún àsè ìgbéyàwó kan, kò rí ẹyin lásìkò, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un gbà á padà, èrè rẹ̀ sì bọ́. Kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́wọ́ Àlàní?

Kí a tó kọ ohunkóhun, a ó ka àwọn olùpẹjọ́. Méjì ni wọ́n, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn mẹ́rin tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ìdáhùn kan fún Ìyá Ṣadé àti Bísí pọ̀ yóò ṣi ọ̀nà fún ọ̀kan nínú wọn láìmọ̀.

Ojúṣe kò ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí Àlàní ṣe. Àjọṣe tó wà láàárín òun àti ẹni tó farapa ni à ń béèrè. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ̀ bóyá ìpínrọ̀ yìí mọ́: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè kọ lánàá, kí ìjàm̀bá náà tó ṣẹlẹ̀ rárá. Lánàá, Àlàní kò tíì gbé fóònù sétí, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì tíì dá, síbẹ̀ awakọ̀ ní ojúṣe sí ẹlẹ́sẹ̀ tó ń lo ojú ọ̀nà kan náà. Bí ọ̀rọ̀ fóònù bá ti wọ inú ìpínrọ̀ ojúṣe, a ti kúrò níbẹ̀ láìmọ̀ nìyẹn.

Ìpínrọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ gùn fún Ìyá Ṣadé. Donoghue v Stevenson ti ọdún 1932 ni ìpìlẹ̀: Lọ́ọ̀dù Atkin sọ níbẹ̀ pé aládùúgbò wa nínú òfin ni ẹni tó sún mọ́ ìṣe wa tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ kí a ní in lọ́kàn nígbà tí a bá ń ṣe é. Ojúṣe awakọ̀ sí àwọn tó ń lo ojú ọ̀nà ti fìdí múlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ìlà mẹ́rin tó. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan gbáko ni àwọn mìíràn fi ń sọ ìtàn ìgbín inú ìgò tó fa ẹjọ́ yẹn, títí kan ilé ìtajà tí wọ́n ti ra ohun mímu náà. Ìtàn yẹn kò dáhùn ohun tí wọ́n béèrè, àkókò tó sì gbà ni okùnfà ìbá lò.

Ìkùnà ló kàn. Níbí ni ìṣe Àlàní ti wọlé, òdiwọ̀n tí a ó sì fi wò ó ni ti awakọ̀ tó ní làákàyè, kì í ṣe ti Àlàní fúnra rẹ̀. Blyth v Birmingham Waterworks ti ọdún 1856 ló fi òdiwọ̀n náà lélẹ̀: ìkùnà ni kí èèyàn má ṣe ohun tí ẹni tó ní làákàyè yóò ṣe, tàbí kí ó ṣe ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a mú àwọn ìṣe náà. Awakọ̀ tó ní làákàyè kì í gbé fóònù sétí lórí ìrìn. Òfin ìrìnnà Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kà á léèwọ̀, a sì lè lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìkùnà. Kì í sì í fi iná bíréèkì tó ti kú rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkùnà méjì nìyẹn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ewu tó hàn síta kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni à ń wọ̀n níbí. Nítorí náà, "ó kùnà, torí ẹsẹ̀ obìnrin náà dá" kì í ṣe àlàyé. Ẹsẹ̀ lè dá láìsí ìkùnà kankan, ìkùnà sì lè wà kí ẹnikẹ́ni má farapa.

Okùnfà ni ibi tí ìbéèrè yìí fi ẹ̀gẹ́ sí. Ìdánwò ìpìlẹ̀ rẹ̀ rọrùn láti sọ: ká ní ìkùnà yìí kò sí, ṣé àdánù náà ìbá ṣì ṣẹlẹ̀? Bí ó bá ṣì máa ṣẹlẹ̀, ìkùnà náà kọ́ ló fà á. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń bi ìbéèrè yìí lórí "ìwakọ̀ Àlàní" lápapọ̀. Ká ní kò wakọ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni pé kì bá tí gbá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wíwakọ̀ kì í ṣe ìkùnà. Ìkùnà kọ̀ọ̀kan ni kí a yọ kúrò nínú ìtàn, kí a wá wo ohun tó kù.

Yọ ìkùnà iná bíréèkì: ká ní iná náà ń tàn. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni iná yẹn ń kìlọ̀ fún. Iwájú ni Ìyá Ṣadé wà, kò lè rí i rárá, ọkọ̀ ìbá sì tún gbá a. Ìkùnà gidi ni, ṣùgbọ́n ó kú síbí. Ìjà rẹ̀ kù sọ́wọ́ ẹni tó bá gbá Àlàní látẹ̀yìn.

Yọ fóònù. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá fún awakọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láti fura kó tó tẹ bíréèkì, tí a sì fi nǹkan bíi mítà 14 mìíràn kún un fún bíréèkì lórí ọ̀dà gbígbẹ, mítà 28 tó fún un láti dúró. Ó ní mítà 60. Ká ní ojú rẹ̀ wà lọ́nà, ìbá ti dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Okùnfà fìdí múlẹ̀. Kò pọn dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò yìí bí kò bá sí nọ́ńbà nínú ìbéèrè, ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀, wọn kò kọ ọ́ lásán.

Ẹ wá yí ìtàn náà díẹ̀: ká ní Ìyá Ṣadé já sójú ọ̀nà lójijì láàárín dáńfó méjì tó dúró, ní mítà 8. Fóònù ṣì jẹ́ ìkùnà, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó tilẹ̀ la ojú sílẹ̀ kò lè dúró ní mítà 8. Okùnfà já. Irú ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Barnett v Chelsea and Kensington Hospital, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1969, nìyẹn. Ọlọ́dẹ kan mu tíì tí májèlé ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀, dókítà kọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ọkùnrin náà sì kú. Adájọ́ gbà pé dókítà kùnà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kò ní í lè bá a lásìkò bó tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ ṣubú.

Lẹ́yìn èyí ni a ó béèrè bóyá àdánù náà kò jìnnà jù. Ẹjọ́ Wagon Mound ti ọdún 1961 sọ pé irú àdánù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí èèyàn lè rò tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ dídá kò ṣàjèjì níbi tí ọkọ̀ ti gbá ènìyàn. Oṣù 9 ńkọ́? Bí àdánù náà ṣe pọ̀ tó nìyẹn, irú rẹ̀ kọ́, Smith v Leech Brain ti ọdún 1962 sì fi hàn pé bí olùjẹ́jọ́ bá ṣe bá ẹni tó pa lára ni yóò ṣe gbà á, pẹ̀lú àìsàn tó wà lára rẹ̀. Àlàní yóò ru oṣù 9. Àbẹ́ okùnfà ni kí èyí wà. Ẹni tó bá kọ ọ́ sábẹ́ ìkùnà, pé "Àlàní kò mọ̀ pé egungun rẹ̀ ń ṣàìsàn," ti gbé e sí ibi tí kò ti wúlò.

Àdánù ni ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń fò jù, bóyá nítorí pé ó jọ ohun tó hàn gbangba. Àdánù yàtọ̀ sí owó gbà-má-bínú. Àdánù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olùpẹjọ́. Owó gbà-má-bínú ni ohun tí kóòtù yóò fi tán an. Láìsí àdánù, kò sí ẹjọ́ àìbìkítà: bí máíkírà bá fi ìka kan ṣoṣo ré Ìyá Ṣadé kọjá, tí obìnrin náà kàn bú awakọ̀ tó sì ń lọ, ìkùnà wà ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò gbà. Nínú ìbéèrè tiwa, ara rẹ̀ farapa, dúkìá rẹ̀ bàjẹ́, èrè tí ìbá jẹ lórí ẹyin náà sì tẹ̀lé dúkìá tó bàjẹ́. Ó lè béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ti Bísí yàtọ̀. Ara rẹ̀ kò farapa, ẹyin tó fọ́ kì í sì í ṣe tirẹ̀, torí kò tíì rà á. Owó nìkan ló sọnù. Nínú Spartan Steel v Martin ti ọdún 1973, àwọn òṣìṣẹ́ gé wáyà iná tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ irin kan. Kóòtù fún ilé iṣẹ́ náà ní pọ́n-ún 368 fún irin tó bàjẹ́ nínú iná ìléru àti pọ́n-ún 400 fún èrè orí irin yẹn, ṣùgbọ́n ó kọ pọ́n-ún 1,767 tó jẹ́ èrè iṣẹ́ mẹ́rin mìíràn tí wọn kò rí ṣe, nítorí kò sí dúkìá kankan tó bàjẹ́ nínú ìyẹn. Ìyá Ṣadé wà níbi tí 400 wà, Bísí wà níbi tí 1,767 wà. Ibi tí a ó kọ ọ́ sí ló sábà máa ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́: ojúṣe ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde jù lọ. Àlàní kò ní ojúṣe sí oníbúkà tí kò sí lójú ọ̀nà, lórí èrè tó lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà ẹjọ́ Bísí yóò parí ní ìgbésẹ̀ kìíní, kò sì sí ìdí láti ro ẹjọ́ okùnfà fún un ní ojú ewé méjì.

Bí ìbéèrè bá tún sọ pé Ìyá Ṣadé náà jẹ̀bi díẹ̀, ó di ohun tí olùjẹ́jọ́ yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Lẹ́yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí a kọ ọ́, kì í ṣe láàárín wọn.

Bí ìdánwò bá jẹ́ ìbéèrè 4 ní wákàtí 3, ìṣẹ́jú 45 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìbéèrè bí eléyìí, ìṣẹ́jú 5 tó fún ojúṣe Ìyá Ṣadé, 10 fún ìkùnà, 15 fún okùnfà, kí àdánù àti Bísí pín ìyókù. Kí a fi ìṣẹ́jú méjì tó gbẹ̀yìn fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan: bí "fóònù" bá wà lábẹ́ ojúṣe, bí "ẹsẹ̀ dá" bá wà lábẹ́ ìkùnà, tàbí bí "ó yẹ kó" bá wà lábẹ́ okùnfà, ìpínrọ̀ yẹn ti ń dáhùn ìbéèrè ẹlòmíràn. Gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ lè dára. Kí a pa á rẹ́ níbẹ̀, kí a tún un kọ sábẹ́ orí tó ni ín.