Kíka àwòrán kí a tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀: bí a ṣe ń mọ ohun tó ba àwòrán Stable Diffusion jẹ́

Stable Diffusion ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ di àwòrán. Nígbà tí àwòrán tó yà kò bá rí bí a ṣe fẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á da ọ̀rọ̀ kún ìtọ́ni tí wọ́n tẹ̀. Wọ́n á fi "masterpiece" sí i, wọ́n á fi "8k" sí i, wọ́n á sì ní kí ẹ̀rọ ya òmíràn. Àwòrán kejì lè dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ yí padà, nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní síìdì náà sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Síìdì yìí ni gbogbo àyẹ̀wò dúró lé. Ẹ̀rọ náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí òfìfo. Láti inú wúruwùru aláwọ̀ oríṣiríṣi tí kò ní ìtumọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa fọ̀ ọ́ mọ́ díẹ̀díẹ̀, ní ìgbésẹ̀ bí 20 tàbí 30, títí àwòrán yóò fi hàn. Síìdì ni nọ́ńbà tó ń pinnu bí wúruwùru àkọ́kọ́ náà ṣe rí. Bí -1 bá wà nínú àpótí Seed, nọ́ńbà tuntun ni ẹ̀rọ yóò máa mú nígbàkúùgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ nọ́ńbà kan síbẹ̀, tí a kò sì yí ohun mìíràn padà, àwòrán kan náà ni a ó máa rí. Ibi tí ètò yìí ti gbọ́n jù nìyẹn, nítorí pé ó jẹ́ kí a lè di ohun gbogbo mú ṣinṣin kí a sì mi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ẹnì kan fẹ́ àwòrán ìyá aláró kan ní Abẹ́òkúta. Ó kọ ìtọ́ni rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àkọlé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà ní pàtàkì:

```
old woman dyeing adire in Abeokuta, blue cloth, clay pots, mud wall, no people in background, photo
```

Ká ní ohun tó jáde ni èyí: ìyá náà wà níbẹ̀, ìkòkò amọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ògiri amọ̀ ti di búlúù, aṣọ náà búlúù lásán láìní ọnà kankan lára, ọwọ́ ọ̀tún ìyá náà sì ní ìka mẹ́fà. Àléébù mẹ́rin ni, ó sì ṣeé ṣe kí orísun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀ síra.

Kí a tó pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́, ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe ni kí a fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a sì yí síìdì nìkan padà, kí a ya bí àwòrán mẹ́rin. Àléébù tó bá fara hàn nínú gbogbo wọn, inú ọ̀rọ̀ ló ti wá. Èyí tó bá wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú ìyókù, wúruwùru ìbẹ̀rẹ̀ ló bí i, àtúnkọ ìtọ́ni kò sì ní wò ó sàn. Nínú àpẹẹrẹ yìí, àwọn ènìyàn, ògiri búlúù àti aṣọ tí kò lọ́nà yóò máa padà wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ yóò máa bàjẹ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, nígbà mìíràn yóò sì dára. A ó fi ọwọ́ sílẹ̀ ná, a ó sì padà sí síìdì àkọ́kọ́.

Àwọn ènìyàn tó wà lẹ́yìn ló rọrùn jù láti kà. Ìtọ́ni fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n. Ara àkọlé tó bá fọ́tò rìn ni ẹ̀rọ ti kọ́ èdè, àkọlé kì í sì í sábà sọ ohun tí kò sí nínú fọ́tò, nítorí náà "people" lágbára gan-an létí ẹ̀rọ, "no" kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní agbára kankan. Kí a pa gbólóhùn náà rẹ́, kí a má fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, kí a tún ya á. Bí wọ́n bá lọ, iṣẹ́ parí. Bí wọn kò bá lọ, a lè tẹ "crowd" sínú àpótí Negative prompt, ibi tí a ń kọ ohun tí a kò fẹ́ rí sí. "People" kò dára níbẹ̀, nítorí pé ènìyàn ni ìyá aláró náà pẹ̀lú.

Ògiri búlúù ni ó fi àbùkù ètò náà hàn jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá kọ "blue cloth", aṣọ nìkan ni àwọ̀ náà yóò dì mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí ọgbà kankan láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì, ńṣe ló dà bí aṣọ tuntun tó ń tú àwọ̀ nínú omi: gbogbo ohun tó bá wà nínú abọ́ náà ni yóò gbà lára rẹ̀. Ọ̀nà láti mọ̀ dájú ni kí a yọ "blue" nìkan kúrò. Bí ògiri bá padà sí àwọ̀ ilẹ̀, a ti mú ọ̀daràn. Lẹ́yìn náà kí a fi "indigo" sí ipò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ aṣọ àti aró ju ògiri àti ojú ọ̀run lọ. Bí ó bá ṣì ń tú díẹ̀, a ó fún ògiri ní àwọ̀ tirẹ̀: "brown mud wall".

Ó ku aṣọ tí kò lọ́nà. Ọ̀rọ̀ "adire" wà nínú ìtọ́ni, àmọ́ ìbéèrè ni bóyá ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Kí a tẹ "adire" nìkan, kí a fi síìdì mélòó kan yà á. Bí ohun tó ń jáde kò bá jọ àdìrẹ, orúkọ náà kò ní àwòrán nínú ìmọ̀ rẹ̀, a kò sì ní lè fi àsọtúnsọ kọ́ ọ. A ó wá pa orúkọ tì, a ó sì kọ ohun tí ojú ń rí. Lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí wọ́n fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ sí kì í gba aró, funfun ló máa ń jẹ́, nítorí náà "cloth with fine white line patterns" yóò ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ ju orúkọ lọ. Bí ọnà náà bá hàn fẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ojú ìwé ìṣiṣẹ́ bíi AUTOMATIC1111 gbà kí a fún gbólóhùn ní ìwọ̀n, nọ́ńbà tó bá ju 1 lọ a sì máa fi agbára kún un:

```
(fine white line patterns:1.2)
```

Ìwọ̀n yìí náà jẹ́ ìyípadà kan, ó sì yẹ kí ó dá dúró.

Ọ̀nà yìí ní ààlà. Ẹ̀rọ ń ka àwọn ọ̀rọ̀ pọ̀ ni, nítorí náà ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí a yí lè yí ojú ìyá náà tàbí gèlè rẹ̀ padà bí síìdì kò tilẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ohun tó yẹ kí a wò ni ìtò: ibi tí ìyá náà dúró sí, ibi tí ìkòkò wà. Àwọn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń pinnu ìtò. Bí ó bá dúró, a lè fi àwòrán tuntun wé ti tẹ́lẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú, ọ̀rọ̀ tí a mú wọlé ti wúwo jù, àfiwé náà kò sì ní sọ òtítọ́ fún wa.

Ìdí nìyí tí ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Bí a bá tún un ṣe ṣáájú, ìyípadà ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e yóò tún ọwọ́ náà yà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti parí, a ó gbé àwòrán lọ sí Inpaint, ibi tí a ti lè tún apá kan àwòrán yà, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọwọ́ nìkan, a ó fi Denoising strength, nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe yí ibẹ̀ padà tó, sí nǹkan bíi 0.5, a ó sì máa yí síìdì títí ìka yóò fi pé márùn-ún.