Páálí tí kò wọ́n, táìlì tó wọ́n

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń kọ́lé sí Ọbáńtókò ní Abẹ́òkúta gbé bébà kan wá bá mi. Ó ti dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ọ̀kan ní Láfẹ́ńwá, ọ̀kan ní Pánṣẹ́kẹ́, ọ̀kan ní Adátán, ó sì kọ iye tí wọ́n pe páálí táìlì kan sílẹ̀: ₦9,600, ₦8,400 àti ₦7,500.

"Ti Adátán ni mo máa rà o. Ẹ̀yin oníṣirò, ẹ má fi kọ̀ǹpútà dá mi dúró."

"Ẹ̀gbọ́n mi, táìlì mélòó ló wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan?"

Kò bèèrè. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, torí pé páálí kò ní ìwọ̀n kan pàtó. Ó pe àwọn ọlọ́jà padà. Ti Láfẹ́ńwá jẹ́ 40 sí 40, méjìlá ló wà nínú páálí. Ti Pánṣẹ́kẹ́ náà jẹ́ 40 sí 40, àmọ́ mẹ́wàá péré ni. Ti Adátán jẹ́ 60 sí 60, mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

Mo ṣí Google Sheets lórí fóònù rẹ̀. Ìlà kan fún ṣọ́ọ̀bù kan: orúkọ ní òpó A, owó páálí ní B, iye táìlì inú rẹ̀ ní C, gígùn ẹ̀gbẹ́ kan ní D (0.4 tàbí 0.6, mítà la fi kọ ọ́). Owó ọkọ̀ wà ní G, ọjọ́ tí a bèèrè wà ní I. Àwọn òpó tó kù, ṣíìtì ló máa ṣírò wọn. Ilẹ̀ ilé náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 62. A fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí èyí tí onítáìlì máa gé àti èyí tó máa fọ́, ó di 68.2, a sì kọ ọ́ sínú K1.

```
E2: =C2*D2*D2
F2: =ROUNDUP($K$1/E2,0)
H2: =B2*F2+G2
```

E ń sọ ibi tí páálí kan máa tẹ́ dé. F ń sọ iye páálí tí a máa rà, H sì ń sọ àròpọ̀ owó rẹ̀. ROUNDUP wà níbẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó máa ta ààbọ̀ páálí fún yín. Àmì dọ́là ara K1 ni kì í jẹ́ kó kúrò lójú kan bí a bá ṣe àdàkọ ìlà náà sísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á rí i pé ìlà ṣọ́ọ̀bù kejì ń wo K2, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, iye páálí á sì di òdo.

Láfẹ́ńwá gba páálí 36, Pánṣẹ́kẹ́ 43, Adátán 48. Tí a bá fi owó ọkọ̀ ₦8,000 kún un, ti Adátán tó dà bíi pé kò wọ́n di ₦368,000. Pánṣẹ́kẹ́ máa gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́, ₦361,200. Láfẹ́ńwá jẹ́ ₦345,600, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń wá nọ́ńbà ọlọ́jà.

Mo ní kó dúró ná. Òpó G ti Láfẹ́ńwá ṣófo, torí kò tíì bèèrè owó ọkọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òdo ni ṣíìtì máa ń ka àpótí tó ṣófo sí. Èyí ni mo kórìíra jù nínú ìṣirò ọjà: ṣọ́ọ̀bù tí a kò tíì bèèrè ọ̀rọ̀ tán lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń borí. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń kọ "bèèrè" sínú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Àròpọ̀ ìlà náà á di `#VALUE!`, kò sì sẹ́ni tó máa fi ìyẹn rajà. Ibi tí owó ọkọ̀ kò bá sí lóòótọ́, bíi Pánṣẹ́kẹ́, mo máa ń tẹ 0 síbẹ̀ kedere.

`#VALUE!` yìí náà lẹ máa rí tí ẹ bá kọ "9600 náírà" sí òpó B. Nọ́ńbà nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Tí ẹ kò bá tíì yí bó ṣe tò padà, nọ́ńbà máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ sì máa ń wà lápá òsì. Ojú lásán ti tó láti mọ̀ ọ́n.

Owó ọkọ̀ Láfẹ́ńwá jẹ́ ₦15,000, àròpọ̀ rẹ̀ bá di ₦360,600. ₦600 péré ló fi dín sí ti Pánṣẹ́kẹ́. Mo wo òpó I: ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ti pe iye Láfẹ́ńwá, àná ni ti Pánṣẹ́kẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tún pè.

"₦9,800 ni báyìí, Màmá. Ọjà tuntun ti wọlé."

Mo yí B2 padà, H2 sì yí ara rẹ̀ sí ₦367,800. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá mi lóhùn mọ́, ó ti ń bá ọlọ́jà Pánṣẹ́kẹ́ sọ̀rọ̀. Mo kàn ń ké láti ẹ̀yìn pé kó rí i pé nọ́ńbà ìpele ara gbogbo páálí 43 bára mu kí wọ́n tó dì í sọ́kọ̀, torí àwọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ní ìpele kan lè yàtọ̀ sí ti ìpele kejì, ṣíìtì kò sì lè rí ìyẹn.