Apẹ̀rẹ̀ Ọjà Tí Oníbàárà Pa Tì, àti Lẹ́tà Tí Ń Pè É Padà

Ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, bí oníbàárà bá ná ìrẹsì tán tí ó sì ń lọ láì rà á, ìyá tó ń tà á kì í jẹ́ kí ó rìn jìnnà kí ó tó ké sí i pé, "Àǹtí, ẹ padà wá, èló lẹ ní lọ́kàn gan-an?" Ó ti rí ojú rẹ̀, ó sì ti mọ̀ bóyá owó ló wọ́n jù ni tàbí ìrẹsì náà ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àǹfààní yìí. Oníbàárà a kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lójú òpó rẹ̀, a dé ibi ìsanwó, lẹ́yìn náà a gbé fóònù sílẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí a ń pè ní apẹ̀rẹ̀ tí a pa tì nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Baymard, tó ń kó àbájáde oríṣiríṣi ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ, fi hàn pé nínú 100 apẹ̀rẹ̀ tí àwọn ènìyàn kó ọjà sí, nǹkan bí 70 ni a kì í sanwó rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni a pàdánù o, nítorí ọ̀pọ̀ kàn wá wo iye owó ni, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe máa ń rìn yí ọjà ká láì mú owó dání. Àwọn tó fẹ́ rà á ní tòótọ́, tí nǹkan kan sì dá wọn dúró, ni lẹ́tà ìránnilétí wà fún.

Kí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tó lè jáde, ètò tó ń darí ìsọ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ àdírẹ́sì ímeèlì oníbàárà, kí ó mọ ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó sì mọ̀ dájú pé kò tíì sanwó. Àdírẹ́sì yìí ni ọ̀pọ̀ ìsọ̀ máa ń pàdánù láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n fi ibi tí a ti ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn orúkọ, nọ́ńbà fóònù, òpópónà àti ìlú. Ẹni tó bá sì dúró nígbà tó rí owó ìgbéwá kò tíì kọ ímeèlì rẹ̀ rárá, kò sì sí ọ̀nà tí a lè gbà ké sí i. Ímeèlì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ní ibi ìsanwó, kí a sì kọ gbólóhùn kan sí abẹ́ rẹ̀ pé a ó lò ó láti fi ìwé ẹ̀rí ìsanwó ránṣẹ́, àti láti rán oníbàárà létí bí kò bá parí ohun tó bẹ̀rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ímeèlì tí a ń kó jọ fún ìròyìn ọjà tuntun jẹ́ nǹkan mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi kan náà ni a ti ń rí àwọn orúkọ náà. Ẹni tó kọ ímeèlì rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ ra èlùbọ́ kò tíì sọ pé kí ẹ máa kọ̀wé sí òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi àpótí kékeré kan síbẹ̀ tí yóò fọwọ́ tẹ̀ bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má sì ṣe tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dè é. Òfin Ààbò Ìwífún ti Nàìjíríà tí a ṣe ní ọdún 2023 kò gba irú ìtẹ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyọ̀ǹda, ó sì fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí a má ṣe fi ìpolówó ránṣẹ́ sí òun mọ́. Ríra orúkọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àkọsílẹ̀ ni èyí tó burú jù, nítorí àwọn tí kò mọ̀ yín rí ni yóò máa tẹ bọ́tìnì tó ń fi lẹ́tà yín sùn. Google sọ fún àwọn tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pé irú ìfisùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dé 3 nínú 1,000. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn lẹ́tà yín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú Spam, títí kan ìwé ẹ̀rí ìsanwó tí oníbàárà ń retí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìsọ̀ kan ní Adó-Èkìtì tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹmọ àti èlùbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye owó tí n ó dá yìí wà fún àpẹẹrẹ nìkan. Obìnrin kan ní Èkó kó ìrẹsì ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà (₦18,000) àti èlùbọ́ ₦8,000 sínú apẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦26,000. Ó kọ ímeèlì rẹ̀, ó kọ àdírẹ́sì ilé, owó ìgbéwá sì yọ lójijì: ₦6,500. Ó dúró ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ajé, kò sì padà.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹ kí ó dé bá a lẹ́yìn wákàtí kan, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọjà náà kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kò yẹ kí lẹ́tà yìí dín owó kankan kù. Ó lè jẹ́ pé iná ló lọ, tàbí pé dátà rẹ̀ ló tán, tàbí pé ọmọ ló ń ké. Kí a fi àwòrán ọjà méjèèjì hàn án, iye owó rẹ̀, àti ìlà kan tí yóò tẹ̀ láti padà sí ibi tó dúró sí. Ìlà yìí gan-an ló máa ń bàjẹ́ jù. Bí ètò náà bá ṣe jẹ́ pé inú fóònù tí oníbàárà fi ra ọjà nìkan ló fi apẹ̀rẹ̀ pamọ́ sí, ẹni tó bá ṣí lẹ́tà náà lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ yóò bá apẹ̀rẹ̀ òfìfo, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ ọjà rírà lákọ̀tun. Ọ̀nà láti mọ̀ kò le: ẹ kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ lórí fóònù yín, kí ẹ ṣí lẹ́tà náà lórí fóònù ẹlòmíràn.

Lẹ́tà kejì máa ń jáde lẹ́yìn wákàtí 24, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù, nítorí òun ló ń dáhùn ìbéèrè tí oníbàárà kò béèrè. Owó tó yọ ní ìparí lábẹ́ orúkọ ìgbéwá tàbí owó orí wà lókè láàárín ìdí tí àwọn ènìyàn ń sọ fún Baymard pé àwọn fi pa apẹ̀rẹ̀ tì, ibẹ̀ sì ni obìnrin wa ti dúró. Nítorí náà, kí lẹ́tà kejì sọ fún un pé, bí ó bá fẹ́ gba ẹrù rẹ̀ ní gáreèjì dípò ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, a lè fi wébìlì ránṣẹ́ sí i ní ₦3,000. A ti gba ₦3,500 kúrò lórí rẹ̀ láì fọwọ́ kan owó ìrẹsì. Bí ó bá jẹ́ pé orí ojúewé ọjà ni oníbàárà ti dúró, kí ó tó rí owó ìgbéwá, ìyẹn lè jẹ́ pé iyèméjì nípa ọjà fúnra rẹ̀ ló ní, bóyá òkúta wà nínú ìrẹsì náà tàbí kò sí. Lẹ́tà tirẹ̀ yẹ kí ó yàtọ̀.

Lẹ́tà kẹta lè tẹ̀ lé e ní wákàtí 72, kí ó sọ pé a ó tú apẹ̀rẹ̀ náà ká, bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé a ó tú u. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fi ẹ̀dínwó kún un. Kí a ṣírò rẹ̀ ná. Bí èrè tó wà lórí ₦26,000 bá jẹ́ ₦5,200, ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá jẹ́ ₦2,600, èyí tó jẹ́ ìdajì èrè náà. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé oníbàárà tó bá rí i lẹ́ẹ̀mejì yóò mọ̀ pé tí òun bá pa apẹ̀rẹ̀ tì fún ọjọ́ mẹ́ta, owó yóò wálẹ̀. Èmi kò ní fi sí i, àfi fún ẹni tí kò tíì ra nǹkan kan rí.

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ti ìlú òyìnbó lọ, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo ra aṣọ lọ́wọ́ ìsọ̀ kan, mo sì fi tiransífà sanwó láti báńkì mi. Owó náà pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ó tó dé, wọ́n ti kọ̀wé sí mi pé mo gbàgbé ọjà mi, ní ọjọ́ kejì wọ́n tún kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni owó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ọwọ́ àwọn gbájúẹ̀ ni mo bọ́ sí. Ohun tó fà á ni pé ètò wọn wo bóyá mo ti sanwó nígbà tí mo kúrò ní ibi ìsanwó nìkan, kò sì wò ó mọ́. Ó yẹ kí ètò náà tún yẹ ìsanwó wò kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó jáde, kí ó sì dá gbogbo lẹ́tà tó kù dúró ní kété tí ilé ìsanwó bá ti fi ìròyìn ránṣẹ́ pé owó wọlé. Fún ẹni tó bá yan tiransífà, kí a sún lẹ́tà àkọ́kọ́ síwájú di wákàtí mélòó kan, kí a sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé, "Bí ẹ bá ti sanwó, ẹ má bínú, ẹ fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí wa."

Ní ti bí lẹ́tà yóò ṣe dé, kí ó ti orúkọ ojú òpó tìrẹ fúnra rẹ wá, kì í ṣe àdírẹ́sì gmail.com tí o gbé fún ètò mìíràn láti fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ọ ṣe ojú òpó yóò fi àkọsílẹ̀ mẹ́ta síbẹ̀, SPF, DKIM àti DMARC, tó ń jẹ́rìí pé ìwọ lo rán lẹ́tà náà. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google ti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di dandan fún ẹni tó ń rán ju 5,000 lẹ́tà lọ lójúmọ́ sí Gmail. Ìsọ̀ kékeré kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà gbọ́dọ̀ ní SPF tàbí DKIM, ó kéré tán.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé lẹ́tà ló mú oníbàárà padà? Iye àwọn tó ṣí i kò lè sọ ọ́, nítorí àwòrán inú lẹ́tà tó bá ṣí ni a fi ń kà á pé ẹnì kan ṣí lẹ́tà, láti ọdún 2021 sì ni fóònù Apple ti lè ṣí àwòrán náà fúnra rẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà náà. Iye àwọn tó sanwó náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀, nítorí àwọn kan ì bá ti padà bí a kò tilẹ̀ kọ nǹkan kan sí wọn. Kí a yọ ẹnì kan sọ́tọ̀ nínú ẹni márùn-ún, láì ṣà á yàn, kí a má ṣe kọ̀wé sí i rárá. Bí a bá kọ̀wé sí 400, tí 40 nínú wọn sanwó, tí 5 sì sanwó nínú 100 tí a kò kọ̀wé sí, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ti àkọ́kọ́, ìdá márùn-ún ni ti èkejì. Nínú àwọn 40 yẹn, nǹkan bí 20 ni lẹ́tà mú padà ní tòótọ́. Fún ìsọ̀ tí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ju 30 lọ lóṣù, yóò gbà tó ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kí iye náà tó pé 500, kò sì yẹ kí ó fi ti oṣù kan ṣe ìdájọ́.