Yanrìn ti le ní mítà 2, kí ni ìpìlẹ̀ afárá tún ń wá lọ sísàlẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, odò Úsúmà la ń ṣe afárá sí, lápá Gwagwálada. A gbẹ́ mítà 2 péré nínú ọyẹ́ yìí, a ti kan yanrìn tó le. Ẹnjiníà ní kí ìpìlẹ̀ wọ mítà 4.5. Mi ò sì rí ihò kankan nídìí òpó afárá àtijọ́ tó wà nítòsí. Ṣé kì í ṣe owó la fẹ́ sọ sómi báyìí?

Ìdáhùn: Àbúrò, ihò ti lè wà níbẹ̀ rí, kí odò fúnra rẹ̀ tún dí i. Bí omi bá kún, á kọlu iwájú òpó, á já wálẹ̀ gba ara òpó, á máa yí bìrì nídìí rẹ̀, á sì máa kó yanrìn jáde. Bó bá ti ń fà, yanrìn tó ń gbé bọ̀ látòkè á kún ihò náà padà. Gún ọ̀pá irin sídìí òpó àtijọ́ yẹn. Bó bá ń wọlé wẹ́rẹ́, ẹ gbẹ́ ẹ wò. Mo ti bá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nísàlẹ̀ irú yanrìn bẹ́ẹ̀ rí. Kò lè pẹ́ tó dé ibẹ̀.

Ìṣirò HEC-18 ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni èmi ń lò láti mọ bí ihò á ṣe jìn tó, ìyẹn ys:

```
ys = 2 × K1 × K2 × K3 × y × (a/y)^0.65 × Fr^0.43
```

Ká ní òpó yín fẹ̀ ní mítà 1.2 (a), imú rẹ̀ rí roboto, omi ìkún jìn ní mítà 3 (y), ó sì ń sáré mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fr, tó ń fi eré omi wé jíjìn rẹ̀, á jẹ́ 0.46. K1 ti imú òpó àti K2 ti ìgun tí omi fi ń kọlu òpó jẹ́ 1, K3 ti ìrísí ìsàlẹ̀ odò jẹ́ 1.1. Ihò á jìn tó mítà 2.6.

Ti ìdí òpó nìkan nìyẹn o. Bí ilẹ̀ tí ẹ kó sétí odò fún ọ̀nà bá fún omi pọ̀, gbogbo ìsàlẹ̀ odò ló máa wálẹ̀. Ká fi mítà 1 sí i. Àwọn oní-típà tó ń wa yanrìn nísàlẹ̀ odò náà ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, fi 0.5 kún un. Ó di 4.1. Ìpìlẹ̀ tó dúró ní mítà 2 á wà lórí òfìfo, torí yanrìn tó le, yanrìn náà ni. Ibi tó jìn jù nínú odò ni kẹ́ ẹ ti wọn 4.5 yẹn, torí odò lè yí ipa padà. Bó bá jẹ́ páìlì, ẹ má ka agbára kankan sí mítà 4.1 tòkè. Àpáta tí kò tíì jẹrà nìkan ló lè yí ọ̀rọ̀ yìí padà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bí òpó bá gùn bí ògiri tí omi sì gbà á ní ẹ̀gbẹ́. Ká ní ó gùn ní mítà 8, omi sì wá ní ìgun 15°: K2 á di 1.9, mítà 2.6 á sì di 5. Ẹ wo ojú omi nígbà tó bá kún kẹ́ ẹ tó tò òpó, torí ipa tó ń gbà nínú ẹ̀ẹ̀rùn lè má jọ tìgbà òjò rárá.