Gbólóhùn Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Oúnjẹ Ọ̀sán

Aago méjì ọ̀sán ló burú jù láti gba makirofóònù ní àpérò. Ìrẹsì ti wọkùn, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, ara ẹni tí kò tiẹ̀ jẹun pàápàá a máa rọ̀ lásìkò náà. Ibẹ̀ ni olùbánisọ̀rọ̀ ti máa ń fa àwàdà pásítọ̀ àti awakọ̀ dánfó tí wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run yọ. Gbogbo ilé ti mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín ìtìjú, wọ́n á sì padà sídìí fóònù wọn, torí àwàdà tó ti parí kò ṣẹ́ ohunkóhun kù tí etí á máa retí.

Gbólóhùn tó ń jí èèyàn máa ń jẹ olùgbọ́ ní gbèsè: ohun tí kò tíì parí ló ń sọ, tó sì ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe jókòó yẹn. Lọ́dún 2010, Jamie Oliver, alásè ará Ìlú Ọba, dìde níbi àpérò TED ní Long Beach, ní Kalifọ́níà. Kò dá àpárá kankan. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé láàárín ìṣẹ́jú 18 tí òun máa fi sọ̀rọ̀, ará Amẹ́ríkà mẹ́rin tó ṣì wà láàyè á ti kú nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ.

Ìṣirò lásán ni ọgbọ́n ibẹ̀. Iye ọdọọdún, tó ti sú etí, la ń pín títí á fi wọnú àkókò tí ọ̀rọ̀ náà máa gbà. Ká ní ẹnì kan fẹ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ omi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ nípa páìpù tó ń jò, tí àkọsílẹ̀ sì ní lítà mílíọ̀nù 876 ló ń ṣòfò lọ́dún. Ta ló lè fojú inú rí ìyẹn? Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún, nítorí náà lítà 100,000 ló ń lọ ní wákàtí kan, 50,000 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó máa fi sọ̀rọ̀. Táńkà tó ń gba lítà 10,000 ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lójú títì. “Kí n tó sọ̀kalẹ̀ níbí, omi táńkà márùn-ún á ti wọlẹ̀ lọ.” Ó tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó dákẹ́ díẹ̀, kó tó wá sọ ibi tí omi náà ń gbà lọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́: wọ́n á yà lọ kí alága, wọ́n á máa to orúkọ àwọn ọlọ́lá, gbèsè náà á sì di ìgbàgbé. Ìkíni ò ṣeé fò nílẹ̀ wa, àmọ́ kó ṣáájú, kó sì kúrú.

Iye náà sì gbọ́dọ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Onímọ̀ omi kan á rántí pé òru ni jíjò máa ń pọ̀ jù, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣí ẹ̀rọ tí agbára omi sì ga nínú páìpù. Kí olùbánisọ̀rọ̀ fi “ní ìpíndọ́gba” kún un, onítọ̀hún ò ní rí nǹkan wí mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì wọlé lóòótọ́, ẹ̀rín kọ́ la máa gbọ́. Fóònù ló máa dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá á sì bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, “Táńkà mélòó ló pè é?”