Ímeèlì tí ẹ kò tíì dáhùn kò sí nínú ìṣirò yín

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀gá tó ń darí òṣìṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ oníbàárà kì í yé sọ: "Ìpíndọ́gba àkókò tá a fi ń dáhùn ímeèlì kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ, iṣẹ́ ò pọ̀ jù fún wa." Bí èèyàn bá wá ṣí ímeèlì ọ̀hún wò, á bá lẹ́tà rẹpẹtẹ nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Wọ́n á ní àwọn òṣìṣẹ́ ló ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi.

Pé ó yẹ ká máa ka iye lẹ́tà tó ń wọlé ní wákàtí kan, èyíinì ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ àlàyé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni bí ìpíndọ́gba yẹn ṣe ń jáde. Ká tó lè mọ iye àkókò tí lẹ́tà kan fi dúró, a gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó wọlé àti ìgbà tá a dá a lóhùn. Ìgbà tó wọlé nìkan ni lẹ́tà tí a kò tíì dáhùn ní, kò ní èkejì. Torí náà, kò sí nínú ìṣirò rárá, ì báà ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀.

Ẹ wò ó nínú Excel tàbí Google Sheets. Ká ní òpó B ni ìgbà tí lẹ́tà wọlé, òpó C sì ni ìgbà tá a dá a lóhùn. Bí èsì kò bá tíì sí, àyè náà ṣófo. Ẹ da ohun tó wà ní D2 kọ wálẹ̀ títí dé D1001:

```
D2:  =IF(C2="","",C2-B2)
F1:  =AVERAGE(D2:D1001)
F2:  =COUNTBLANK(C2:C1001)
```

`AVERAGE` máa ń fo gbogbo àyè tí kò ní nọ́ńbà nínú. Kò ní sọ fún yín pé òun fo nǹkan kan, kò sì ní gbé àmì àṣìṣe kankan wá. F1 nìkan ni wọ́n máa ń gbé lọ sípàdé. F2, tó ń ka àwọn tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, kì í sábà dé ibẹ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tó ń bi àwọn tó ti rí dókítà bí wọ́n ṣe pẹ́ tó, tí kò sì bi àwọn tó ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìtajà aṣọ kan tó ń tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára ní Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Òṣìṣẹ́ márùn-ún ló wà níbẹ̀, láti aago 8 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Lẹ́tà kan ń gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú 15, nítorí náà ẹnì kan lè dáhùn 32 lójúmọ́, gbogbo wọn á dáhùn 160. Àmọ́ 200 ló ń wọlé. Lójoojúmọ́, 40 á ṣẹ́ kù.

Èwo ló máa ń ṣẹ́ kù? Èyí tó dé kẹ́yìn ni ímeèlì máa ń gbé sókè, ọwọ́ òṣìṣẹ́ sì máa ń yá sí èyí tó rọrùn. "Ṣé ẹ ṣì ní ti pupa?" kì í pẹ́ rí èsì. Ẹni tó kọ̀wé pé báǹkì ti yọ owó òun àmọ́ ẹ̀yin ní owó kò wọlé, ẹjọ́ tirẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n pe báǹkì, kí wọ́n tún dúró de èsì. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ló máa ń lọ sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe é báyìí láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á ti dáhùn 800 nínú 1,000, ìpíndọ́gba á ṣì wà ní ìṣẹ́jú 20, 200 á sì wà nílẹ̀.

Ká ní lẹ́tà tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lóhùn ńkọ́? Òṣìṣẹ́ kan náà, iye iṣẹ́ kan náà. Lẹ́tà ọjọ́bọ̀ ni wọ́n á máa dáhùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìpíndọ́gba ọjọ́ náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 24. Iṣẹ́ kò pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lọ́ra. Ìlànà tí wọ́n fi ń mú lẹ́tà nìkan ló yí padà.

Ká padà sí ìlànà àkọ́kọ́, níbi tí èyí tó dé kẹ́yìn ti ń gba èsì ṣáájú: ibi tó burú jù ni ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀gá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá kó èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n wá, wọ́n sì dáhùn 160 tó pẹ́ jù. Ìwọ̀nyẹn ti lo ọjọ́ méjì sí márùn-ún. Wẹ́rẹ́ tí wọ́n dá wọn lóhùn ni àkókò gígùn náà wọnú ìṣirò, ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ náà sì fò láti ìṣẹ́jú 20 sí wákàtí 14 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n ran oníbàárà lọ́wọ́ jù lọ ni ìjábọ̀ iṣẹ́ sọ pé wọ́n bàjẹ́ jù. Bí owó àjẹmọ́nú bá so mọ́ nọ́ńbà yìí, ẹ ti ń kọ́ òṣìṣẹ́ yín pé kí wọ́n má fọwọ́ kan lẹ́tà tó ti pẹ́.

Ọ̀nà kan wà tá a fi lè yẹ nọ́ńbà náà wò. John Little, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1961: iye tó ń dúró jẹ́ iye tó ń wọlé ní wákàtí kan, tá a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń dúró. Níbí, 25 ló ń wọlé ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n ń dúró, nǹkan bíi 8 péré ló yẹ ká bá nílẹ̀. 200 la bá. Òfin náà ń fẹ́ kí wíwọlé àti jíjáde ti dọ́gba fún ìgbà pípẹ́, ti ilé ìtajà yìí kò sì dọ́gba, torí náà mi ò ní fi ṣírò iye pàtó. Síbẹ̀, 8 àti 200 jìnnà síra ju ohun tá a lè gbójú fò lọ.

Ọ̀gá náà lè rò pé òun á fi ẹnì kan kún wọn. Àwọn mẹ́fà á dáhùn 192; 8 á ṣì máa ṣẹ́ kù lójúmọ́. Bó bá fi méjì kún un, wọ́n á dáhùn 224, èyí tó wà nílẹ̀ á máa fi 24 dín, 200 yẹn á sì gbà wọ́n ju ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ lọ. Ẹ má ṣe fi 224 pín 200 kẹ́ ẹ wá ṣèlérí fún oníbàárà pé ọjọ́ kan ti tó.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ da ìpíndọ́gba nù. Ó wúlò níwọ̀n ìgbà tí iye tó wà nílẹ̀ àti ọjọ́ orí lẹ́tà tó pẹ́ jù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó sì ṣeé ṣe kí 200 yẹn má jẹ́ ẹjọ́ 200, torí oníbàárà tí kò rí èsì máa ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì, nígbà míì lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo rẹ̀ á sì wọ iye tó ń wọlé. Ẹ kà á ní orúkọ-orúkọ kẹ́ ẹ tó gba òṣìṣẹ́ tuntun.